Ẹ yọ magí kúrò nínú ìkòkò Bàbá, ṣùgbọ́n ẹ má fi iyọ̀ dí àyè rẹ̀

Bí dókítà bá ti sọ pé ẹ̀jẹ̀ bàbá wa ń ru, ohun kan náà ni ọ̀pọ̀ nínú àwa ọmọ máa ń ṣe. A ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀, a ó sọ fún ìyá pé "ẹ dín iyọ̀ kù o," a ó sì wọkọ̀ padà sí Èkó tàbí Àbújá. Ìyá á dín iyọ̀ kù lóòótọ́. Ọbẹ̀ á tẹ́, Bàbá á ti àwo sẹ́yìn, Ìyá á wá ju magí méjì sínú ìkòkò kí ẹnu Bàbá lè gbà á. Gbogbo wa á gbà pé iyọ̀ ti dínkù nílé yẹn. Irọ́ ni.

"Ẹ dín iyọ̀ kù" kì í ṣe ètò rárá. Bí a bá fẹ́ ṣe ètò fún àgbàlagbà tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, ó yẹ ká mọ ibi tí iyọ̀ ti ń wọlé, ká mọ iye tó ń wọlé, ká mọ ohun tí a ó fi dípò adùn tí a bá mú kúrò, ká sì mọ bí a ó ṣe dá a mọ̀ bóyá ó ń ṣiṣẹ́. Ilé kan ní Tanke, níbí ní Ìlọrin, ni mo fẹ́ fi ṣe àpẹẹrẹ. Ẹ jọ̀ọ́, bí mo bá ti sọ pé "magí" nínú ọ̀rọ̀ yìí, gbogbo èròjà amọ́bẹ̀dùn onígun mẹ́rin tí wọ́n ń wé sínú bébà ni mo ń sọ, bí ìyá ọlọ́jà ṣe ń pè é. N kò dá ilé iṣẹ́ kankan yọ sọ́tọ̀.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló ni ilé náà. Ẹni ọdún 73 ni wọ́n, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Àwọn, ìyàwó wọn àti ọmọ-ọmọ wọn kan tó ń kàwé ní Yunifásítì Ìlọrin ni wọ́n jọ ń gbé. Àràárọ̀ ni Bàbá ń lo oògùn amulodípíìnì, wọn kì í sì í gbàgbé, síbẹ̀ ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ wọn kò kúrò ní àyíká 158 lórí 92. Dókítà wọn ní kí wọ́n má fọwọ́ kan oògùn, kí wọ́n kọ́kọ́ tún oúnjẹ ṣe fún oṣù mẹ́ta ká wo ibi tó máa já sí. Ẹ̀kọ́ òfin ni mo kọ́, n kì í ṣe dókítà. Ohun tí mo mọ̀ ọ́n ṣe ni kí n wá ẹ̀rí. Mo ní kí Ìyá se ọbẹ̀ bí wọ́n ṣe máa ń sè é gan-an, kí wọ́n má ṣe yí ohunkóhun padà nítorí tèmi, mo sì jókòó sí ilé ìdáná pẹ̀lú bírò lọ́wọ́.

Ìyá wò mí títí, wọ́n rẹ́rìn-ín. "Lọ́yà, ṣé ìkòkò mi náà ti ní ẹjọ́ ni?"

Ọbẹ̀ ata ni wọ́n sè, èyí tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yóò jẹ fún ọjọ́ méjì. Magí méjì lọ sínú omi ẹran. Mẹ́rin lọ sínú ọbẹ̀. Lẹ́yìn náà, ṣíbí tíì méjì iyọ̀. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Magí kékeré tó wọ́pọ̀ lọ́jà wa wọn gíráàmù 4, iyọ̀ sì máa ń tó ìdajì rẹ̀ tàbí kó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní gíráàmù 2 péré ni iyọ̀ inú ọ̀kọ̀ọ̀kan, mẹ́fà á jẹ́ gíráàmù 12. Ṣíbí tíì kan tó kún pẹrẹsẹ ń lọ sí nǹkan bíi gíráàmù 5, méjì á jẹ́ 10. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 22. Bí ẹni mẹ́ta bá pín in dọ́gba fún ọjọ́ méjì, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó gíráàmù 3.7 fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, láti inú ọbẹ̀ nìkan.

Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé kí iyọ̀ tí àgbàlagbà ń jẹ lójúmọ́ má tó gíráàmù 5, ìyẹn ni pé kó dín díẹ̀ sí ṣíbí tíì kan. Ọbẹ̀ yìí nìkan ti kó bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀ lọ, a ò sì tíì ka búrẹ́dì àárọ̀, a ò tíì ka ẹ̀wà, a ò tíì ka núdùlù tí ọmọ-ọmọ ń sè lálẹ́ tí Bàbá sì máa ń tọ́ wò. Ohun tó yà mí lẹ́nu jù ni pé iyọ̀ tó gba inú magí wọlé ju èyí tó ti inú ike iyọ̀ wá lọ. Ohun tí gbogbo wa ń pariwo pé kí Ìyá dínkù kọ́ ló pọ̀ jù nínú ìkòkò náà.

Ibòmíràn tún wà tí ẹnikẹ́ni kì í wò, ìyẹn kaún. A ò lè gbé ní Ìlọrin ká má jẹ àmàlà pẹ̀lú gbẹ̀gìrì àti ewédú, ọ̀pọ̀ ìyá ni kì í sì í se ewédú tàbí ẹ̀wà láìfi kaún sí i kó lè tètè rọ̀. Kaún kì í dùn bí iyọ̀ lẹ́nu, nítorí náà ahọ́n kò lè fẹ̀sùn kàn án. Ṣùgbọ́n sódíọ́mù, èròjà inú iyọ̀ tí dókítà ń sá fún, ló pọ̀ nínú kaún náà. Nílé Bàbá, a yọ ọ́ pátápátá, kò sì le. Ẹ̀wà ń sùn sínú omi mọ́jú, wọ́n á da omi yẹn nù, wọ́n á fi omi tuntun sè é. Ewédú tó ṣì tutù ni wọ́n ń rà, wọ́n á rẹ́ ẹ wẹ́wẹ́, wọ́n á fi ìjábẹ̀ já a dáadáa. Ó yọ̀ bó ṣe yẹ kó yọ̀. Gbẹ̀gìrì ń pẹ́ díẹ̀ sí i lórí iná, ìyẹn nìkan ni ìyàtọ̀.

Ó wá ku magí, ibẹ̀ sì ni iṣẹ́ wà. Ìdí tí ọ̀pọ̀ ilé fi ń padà sí i ni pé wọ́n rò pé òórùn ni magí ń fún ọbẹ̀. Wọ́n á da kọ́rì, wọ́n á da táìmù, wọ́n á gún jínjà sí i, ọbẹ̀ á máa ta sánsán títí dé ẹnu ọ̀nà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá fi sẹ́nu, ó dà bí ẹni pé nǹkan kan ò sí nínú rẹ̀. Ohun tí magí ń fún wa gan-an ni adùn ẹran yẹn, adùn tó ń dúró lórí ahọ́n lẹ́yìn tí a ti gbé òkèlè mì. Glutamáìtì ni wọ́n ń pe èròjà tó ń fa á, àwọn ìyá ìyá wa sì ti ní tiwọn kí magí tó dé. Irú ni. Bí wọ́n ṣe ń bo igbá mọ́lẹ̀ kó lè ràn, bẹ́ẹ̀ ni adùn yẹn ń jáde nínú rẹ̀. Edé gbígbẹ náà ní in, ẹja gbígbẹ ní in, tòmátì tó pọ́n dáadáa tí a sì dín títí omi rẹ̀ fi gbẹ ní in.

Nítorí náà, ẹsẹ̀ méjì ni ètò wa dúró lé. Irú, edé àti ẹja gbígbẹ ló ń ṣe iṣẹ́ adùn. Jínjà, aáyù, àlùbọ́sà, ìyẹ̀rẹ̀ àti efinrin ló ń ṣe iṣẹ́ òórùn. Ẹni tó bá mú ọ̀kan tó fi èkejì sílẹ̀, oṣù kan kò ní pé tí magí á fi padà sílé.

Bí a ṣe ń se ìkòkò yẹn kan náà báyìí nìyí. Ìyá á fi àlùbọ́sà ńlá kan, jínjà tó tó àtàǹpàkò, aáyù bíi mẹ́rin àti ata gígún bọ ẹran. Kò sí magí, kò sí iyọ̀. Wọ́n á jẹ́ kí omi ẹran náà ṣẹ́kù díẹ̀ kó lè ki, nítorí inú rẹ̀ ni adùn ẹran wà, wọn kì í sì í dà á nù. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á gbé epo kaná, wọ́n á da àlùbọ́sà sí i títí á fi pọ́n, wọ́n á wá da irú tó kún ṣíbí ìjẹun méjì sínú epo gbígbóná náà kí ata tó wọlé. Ìgbésẹ̀ yìí ṣe pàtàkì. Irú tí a jù sórí ọbẹ̀ nígbà tó ti fẹ́ jinná á kàn máa rùn ni. Èyí tí epo bá ti dín á wọ inú ọbẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ìyẹn ni ata lílọ̀, wọ́n á dín in títí epo á fi léfòó, wọ́n á da omi ẹran sí i, pẹ̀lú ṣíbí ìjẹun kan edé gígún àti ìyẹ̀rẹ̀ gígún díẹ̀ bíńtín, nítorí ìyẹ̀rẹ̀ máa ń ta. Efinrin ló ń kẹ́yìn, nígbà tí a bá ti fẹ́ sọ̀ ọ́ kalẹ̀.

Iyọ̀ ńkọ́? A ò yọ ọ́ tán. Ṣíbí tíì kan ló kù fún gbogbo ìkòkò, ìyẹn kò tó gíráàmù kan fún ẹnì kọ̀ọ̀kan lójúmọ́, iyọ̀ tí wọ́n fi áyódìn sí sì ni, nítorí ara ṣì nílò áyódìn. Ìgbẹ̀yìn ni wọ́n ń dà á, lẹ́yìn tí ọbẹ̀ ti kúrò lórí iná. Bí ẹnu Bàbá bá ṣì ní kò tó, ọsàn wẹ́wẹ́ ni wọ́n ń fún sórí àwo tiwọn. Ìkan díẹ̀ máa ń jẹ́ kí ahọ́n gbọ́ iyọ̀ tó wà níbẹ̀ dáadáa.

Ẹ má ṣe é lọ́jọ́ kan ṣoṣo o. Ahọ́n àgbàlagbà tó ti jẹ magí fún ogójì ọdún kò ní gbà. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́, magí mẹ́fà di mẹ́rin, irú sì wọlé. Ọ̀sẹ̀ kẹta àti ìkẹrin, ó di méjì. Láti ọ̀sẹ̀ karùn-ún, kò sí mọ́, iyọ̀ sì ń rọra dínkù pẹ̀lú rẹ̀. Ahọ́n máa ń gba bí oṣù méjì sí mẹ́ta kó tó mọ́ra. Ọ̀sẹ̀ kẹta ló le jù fún Bàbá. Wọ́n bi mí pé, "Ṣé ewé ni o fẹ́ kí n máa jẹ bí ewúrẹ́ báyìí?" Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹsàn-án, wọ́n jẹun níbi ìsìnkú kan, wọ́n sì dé wá ń ráhùn pé iyọ̀ ọbẹ̀ wọn ti pọ̀ jù.

Ibi tí ètò yìí ti fẹ́ bà jẹ́ kò ju mẹ́ta lọ. Ọ̀kan ni irú fúnra rẹ̀. Àwọn kan lára àwọn tó ń tà á máa ń fi iyọ̀ sí i kó má bàa bàjẹ́. Bí Ìyá bá ra irú ní Ìpàtà, wọ́n á kọ́kọ́ fi hóró kan sẹ́nu. Bó bá níyọ̀, wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá, wọ́n á ṣàn án dáadáa. Edé àti ẹja gbígbẹ náà ń gba omi gbígbóná kí wọ́n tó wọ ìkòkò. Èkejì ni àwọn èròjà inú ọ̀rá tí wọ́n kọ "ti ìbílẹ̀" tàbí "kò ní kẹ́míkà" sí lára. Ẹ yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò. Bí wọ́n ṣe ń to èròjà ni pé èyí tó wúwo jù ló ń ṣíwájú. Bí iyọ̀ bá wà ní ipò kìíní tàbí ìkejì, magí ni, aṣọ ló kàn pààrọ̀. Kódà àwọn kọ́rì kan ní iyọ̀ nínú. Ìkẹta ni ọmọ-ọmọ wa àti núdùlù rẹ̀. Ọ̀rá kékeré tó wà nínú núdùlù kún fún iyọ̀. N kò gba núdùlù lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, mo fẹ́ràn ara mi, ṣùgbọ́n a jọ ṣàdéhùn pé Bàbá kò ní tọ́ ọ wò mọ́.

Ẹnìkan lè ní, ṣebí iyọ̀ pàtàkì kan wà tí sódíọ́mù rẹ̀ kò pọ̀, kí ló dé tí ẹ ò ra ìyẹn? Ó wà, ó sì ń ṣiṣẹ́. Ní 2021, wọ́n tẹ àbájáde ìwádìí ńlá kan jáde láti ilẹ̀ Ṣáínà, ní abúlé 600, níbi tí wọ́n ti fi potáṣíọ́mù rọ́pò ìdá kan nínú mẹ́rin iyọ̀ inú ilé, àrùn rọpárọsẹ̀ sì dínkù láàárín àwọn tó lò ó. Ṣùgbọ́n potáṣíọ́mù yẹn léwu fún ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dára, àti fún ẹni tó ń lo àwọn oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kan bíi lisinópríìlì. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ni kò mọ bí kíndìnrín wọn ṣe wà. Kí dókítà kọ́kọ́ fọwọ́ sí i kí ẹ tó gbé e wọlé.

Mo tún fẹ́ sọ èyí kó yé gbogbo wa: aáyù, jínjà àti efinrin kọ́ ló ń mú ẹ̀jẹ̀ Bàbá wálẹ̀ nínú ètò yìí. Iyọ̀ tí a yọ ló ń ṣe é. Iṣẹ́ tiwọn ni pé kí ọbẹ̀ dùn kí magí má bàa padà. Ẹni tó bá ń lọ aáyù mu láràárọ̀ tó sì ti pa oògùn tì ń fi ẹ̀mí ta tẹ́tẹ́ ni, àgàgà bó bá tún ń lo ásípírìnì, nítorí aáyù púpọ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà ju bó ṣe yẹ lọ. Mo ti gbọ́ "oògùn òyìnbó á ba kíndìnrín jẹ́" lẹ́nu ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ní Tanke. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a kò tọ́jú gan-an ló ń ba kíndìnrín jẹ́.

Báwo la ṣe mọ̀ pé ó ń ṣiṣẹ́? Ọjọ́ méje ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan ni Bàbá ń wọn ẹ̀jẹ̀, láàárọ̀ kí wọ́n tó lo oògùn àti lálẹ́. Wọ́n á jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ̀yìn á kan àga, ẹsẹ̀ á tẹlẹ̀, apá á wà lórí tábìlì ní ìwọ̀n àyà, kò sì sí ọ̀rọ̀ sísọ. Wọ́n á wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n á kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gun àtẹ̀gùn dé tó sì na apá, irọ́ ni ẹ̀rọ á pa fún un. Ní ìparí oṣù kẹta, ìpíndọ́gba wọn ti di 149 lórí 87, oògùn kan náà ni, iye kan náà. Ẹ má retí iṣẹ́ ìyanu. Ẹlòmíràn, bíi 5 péré ni nọ́ńbà òkè yóò fi wálẹ̀, ìyẹn náà sì níye lórí. Dókítà ṣì fi oògùn kejì kún un fún Bàbá nítorí 149 kò tíì tó ibi tó fẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀n kékeré ló fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ tún máa ṣọ́ òdìkejì rẹ̀. Bí àgbàlagbà tó ń lo oògùn bá dín iyọ̀ kù, òòyì lè máa kọ́ ọ bó bá dìde lójijì, ìṣubú kan sì lè ṣẹ́ egungun ìbàdí. Bí òòyì bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ní ìjókòó àti ní ìdúró, ẹ mú nọ́ńbà méjèèjì lọ bá dókítà. Òun ló lè dín oògùn kù, kì í ṣe èmi, kì í sì í ṣe aládùúgbò. Bí ẹ̀rọ bá sì sọ 180 lórí 120 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ sinmi díẹ̀ kí ẹ tún un wọ̀n. Bó bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ kàn sí dókítà lọ́jọ́ yẹn gan-an. Bí àyà bá ń dunni, tí ẹnu wọ́, tí apá kan kò ṣeé gbé, ẹ má wulẹ̀ dúró de ẹ̀rọ, ilé ìwòsàn ló kàn.

Níbi tí ọ̀rọ̀ yìí ti kan iṣẹ́ tèmi ni bébà tí wọ́n fi wé magí. Láti ṣírò ìkòkò Ìyá, páálí ńlá ni mo ní láti wá kiri, nítorí wóro magí kọ̀ọ̀kan ni Ìyá ń rà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ ilé, bí ọ̀pọ̀ ará Tanke ṣe ń rà á. Ojú mi kò rí ìwọ̀n iyọ̀ kankan lára bébà kékeré ọwọ́ wọn. Òfin ìdíje àti ìdáàbòbò oníbàárà ti ìjọba àpapọ̀, ti 2018, sọ ní abala 114 rẹ̀ pé oníbàárà ní ẹ̀tọ́ sí àlàyé ní èdè tó rọrùn tó sì lè yé e. Ìyá tó ń ra wóro magí méjì náà, oníbàárà ni. Ilẹ̀ Gúúsù Áfíríkà ṣe òfin tiwọn ní 2013, ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2016. Ó fi ààlà sí iye sódíọ́mù tó lè wà nínú búrẹ́dì, nínú èròjà núdùlù, àti nínú magí gan-an. Ilẹ̀ Ṣílè bẹ̀rẹ̀ sí í lẹ àmì dúdú ńlá mọ́ iwájú oúnjẹ tí iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ lọ́dún 2016 kan náà, kí ẹni tí kò ráyè ka lẹ́tà wẹ́wẹ́ lè rí i láti òkèèrè.

Ohun tí mo ń béèrè lọ́wọ́ NAFDAC kò tó ìyẹn. Kí wọ́n pàṣẹ pé kí iye gíráàmù iyọ̀ tó wà nínú wóro kan hàn lára bébà wóro kọ̀ọ̀kan, ní nọ́ńbà tí ojú ẹni ọdún 73 lè kà láìwá jígí.